Bí a ṣe ń to oríkì Ọlọ́run pọ̀ kí ìjọ lè gbè é: ọ̀nà tí à ń gbà ṣe é ní ilẹ̀ Òkun

Ní oṣù ìkórè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìjọ kan láti Kábà títí dé Ẹ̀gbẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kogí tí kì í wá ẹni tí yóò ki Ọlọ́run kí àwọn ènìyàn tó gbé iṣu àti ọkà bàbà wọn lọ síwájú. Wọn á pe ọmọ kan tó mọ Bíbélì dáadáa, wọ́n á ní kó to orúkọ Olúwa lẹ́sẹẹsẹ. Ọmọ náà á kó ogójì orúkọ jọ sínú ìwé, á dìde, á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tí yóò bá fi dé orúkọ kẹwàá, ìdajì ìjọ ti ń gbè é níbi tí kò yẹ, ìdajì kejì ti dákẹ́. Orúkọ kò wọ́n an, ètò ló wọ́n an. Ìtọ́sọ́nà yìí dá lórí ètò náà: bí a ṣe ń yan orúkọ, bí a ṣe ń dá tuntun, àti bí a ṣe ń to wọ́n ní méjì-méjì kí ẹni tó ń gbè lè mọ ìgbà tó kàn án. Ìdúpẹ́ ìkórè ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, ní ìjọ kan ní Ìyàgbà, níbi tí àgbẹ̀ iṣu àti àgbẹ̀ kaṣú ti jọ ń jókòó.

Ègbè ni kí o kọ́kọ́ yàn

Kí o tó kọ orúkọ kan ṣoṣo sílẹ̀, mọ ohun tí ìjọ yóò máa dá lóhùn. Ègbè gbọ́dọ̀ kúrú débi pé ọmọdé àti ìyá àgbà tí kò kàwé yóò mú un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ti tó. Wo Sáàmù 136: ẹsẹ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ní, “nítorí tí àánú rẹ̀ dúró láéláé” sì ló parí gbogbo wọn. Ègbè yẹn dára fún Sáàmù tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n fún oríkì kíkì ó gùn jù, nítorí pé ẹni tó ń kì á tutù kí ìjọ tó dá a lóhùn tán.

Ègbè mẹ́ta ni mo máa ń lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìdì tirẹ̀. Nígbà tí a bá ń sọ irú ẹni tí Ọlọ́run jẹ́, ìjọ á ní “Kábíyèsí o!” Tí a bá bọ́ sí iṣẹ́ tó ṣe, wọ́n á ní “O ṣeun, Ọba!” Tí a bá ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n á ní “Gbọ́ tiwa!” Bí ègbè bá ti yí padà, àwọn tó ń gbè ti mọ̀ pé a ti kúrò ní ibì kan, a ti dé ibòmíràn, ẹnikẹ́ni kò ní láti dìde kéde rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, kí ègbè kankan tó wọlé, ìkíni wa, “Òkun o”, ni mo fi ń kí Ọlọ́run. Àwọn àgbà kan kò fẹ́ èyí rárá. Wọ́n ní ìkíni tí a fi ń kí ara wa lọ́nà oko kò yẹ Ọlọ́run. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n mi ò yí i padà. Ojú ìjọ máa ń là tí wọ́n bá gbọ́ ọ.

Orúkọ wo ni kí a kó, èwo ni kí a fi sílẹ̀

Ibi mẹ́ta ni orúkọ ti ń wá. Èkíní ni ẹnu àwọn ìyá nígbà àdúrà òwúrọ̀. Òyígíyigì, Ọlọ́wọ́ gbọgbọrọ, Alágbádá iná, Ògbàmùgbámù: wọ́n ti wà lẹ́nu tipẹ́, ìjọ sì ti mọ̀ wọ́n. Èkejì ni Bíbélì Yorùbá, tó ti wà nílé wa láti ìgbà tí míṣọ́n dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908. Láti inú rẹ̀ ni Ẹni àgbà ọjọ́ ti wá, àti Ẹni tí kì í tòògbé. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ìwọ fúnra rẹ yóò dá láti inú ohun tí ojú ń rí ní àdúgbò, mo sì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Níbi kíkó yìí ni àṣìṣe tó burú jù ti ń wọlé, nítorí pé oríkì ọba ayé àti oríkì òrìṣà dùn mọ́ni lẹ́nu. Mo ti gbọ́ tí akígbe kan pe Ọlọ́run ní “Aláṣẹ, èkejì òrìṣà” níwájú pẹpẹ. Ọba ayé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òrìṣà nìkan ló jù ú lọ. Tí o bá pe Ọlọ́run bẹ́ẹ̀, o ti fi í sí ipò kejì. Bákan náà ni “Ẹlẹ́rìí ìpín, ibìkejì Olódùmarè”, Ọ̀rúnmìlà ló ni ín. “Alábàláṣẹ” sì jẹ́ ti Ọbàtálá. Ọ̀nà tí o fi lè dá irú rẹ̀ mọ̀ ni pé kí o wá “èkejì” tàbí “ibìkejì” nínú gbólóhùn. Tí o bá rí i, ẹlòmíràn ló ni oríkì yẹn. “Kábíyèsí” kò ní ìṣòro ní tirẹ̀. A ń fi í ki ọba, àmọ́ ohun tó ń sọ, pé kò sí ẹni tí yóò yẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ wò, Ọlọ́run ló yẹ jù.

Aláwùràbí ńkọ́? Fi sí i. Àwọn Mùsùlùmí àti Kristẹni ni wọ́n jọ ń pè é, ìdílé tó ní méjèèjì sì wà ní ilẹ̀ wa. Tí àna tàbí àbúrò tó jẹ́ Mùsùlùmí bá wá síbi ìkórè, orúkọ yẹn ni yóò gbè sókè jù.

Bí a ṣe ń dá orúkọ tuntun

Jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà Kábà dé Ìsánlú mọ̀ pé òkè olókùúta ló yí wa ká. Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin kan fẹ́ fi èyí yin Ọlọ́run, ó sì kọ ọ́ báyìí: “Ọlọ́run tó dá àwọn òkè ńláńlá tó yí ìlú wa ká, tó sì jẹ́ kí a máa gbé ibẹ̀ ní àlàáfíà.” Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n ìwàásù ni, kì í ṣe oríkì. Mímí méjì ni wọn yóò fi sọ ọ́, kò sì sí ibi tí ìjọ lè gbà wọlé.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a mú iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú rẹ̀: ó gbé òkè kalẹ̀. A fi àlàáfíà sílẹ̀, yóò wá níbi ẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà a fi “a” ṣíwájú iṣẹ́ náà kó lè di orúkọ: A-gbé-òkè-kalẹ̀. Ó ti di orúkọ, àmọ́ kò tíì ní ohun tó ń yani lẹ́nu. Oríkì fẹ́ràn kí a sọ ohun tí a ṣe, kí a tún sọ ohun tí ìbá yẹ kó bá a wá tí kò bá a wá. Kí ni ènìyàn ń ṣe tó bá gbé ohun wúwo kalẹ̀ tó fẹ́ kó dúró? Ó ń fi igi tì í. Ọlọ́run kò fi nǹkan kan tì í. Nítorí náà: A-gbókè-kalẹ̀-má-figi-tì-í.

Kíyè sí “má” inú rẹ̀. Nínú irú orúkọ báyìí, “má” ni a fi ń kọ̀, a kì í lo “kò”. A-sọ̀rọ̀-má-tàsé ni, kì í ṣe A-sọ̀rọ̀-kò-tàsé. Ẹni tó bá fi “kò” sí i, ìjọ lè má mọ ohun tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n wọn á mọ̀ pé nǹkan bàjẹ́. Kíyè sí ohùn “a” pẹ̀lú. Tí “a” bá wà ní ohùn àárín, ẹni náà ló ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Tí ó bá wà ní ohùn ìsàlẹ̀, òun ni wọ́n ń ṣe é fún, bí Àjíkẹ́ ṣe jẹ́ ọmọ tí a ń jí kẹ́. Àpésìn ni Ọlọ́run, ẹni tí a pé láti sìn. Bí o bá sọ ọ́ ní Apésìn, o ti sọ ọ́ di ọ̀kan lára àwọn tó wá sìn.

Ohun tó kẹ́yìn ni pé kí o ka ìró rẹ̀ bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́, kì í ṣe bí ìwé ṣe kọ ọ́. Lórí ìwé, “gbé òkè” jẹ́ ìró mẹ́ta. Lẹ́nu, “gbókè” ni, ìró méjì. A-gbókè-kalẹ̀-má-figi-tì-í jẹ́ ìró mẹ́wàá, márùn-ún kí “má” tó dé, márùn-ún láti orí “má”. Mímí kan gbé e dáadáa. Èyí tó bá ti ju ìró mẹ́rìndínlógún lọ, gé e.

Ọ̀nà kan náà ni a fi dá mẹ́ta mìíràn. Ọya àti Bẹ́núè pàdé ní Lọ́kọ́ja, nínú ìpínlẹ̀ wa: A-mú-Ọya-pàdé-Bẹ́núè. Kaṣú ń yọ òdòdó nígbà tí ewéko mìíràn ti gbẹ: A-mú-kaṣú-tanná-nínú-ọyẹ́. Òjò tó rọ̀ sí ebè láìgbá a lọ: A-rọ̀jò-síṣu-má-fàgbàrá-gbé-e. Má dá ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ fún ìkì kan. Bí tuntun bá pọ̀ ju èyí tí ìjọ mọ̀ lọ, wọn á dákẹ́ máa gbọ́, wọn ò ní gbè é mọ́.

Títò ní méjì-méjì

Ibí ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Ègbè kì í wá lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń wá lẹ́yìn méjì. Orúkọ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ parí sí ohùn òkè, kó dà bí ẹni pé ó ṣì ń retí nǹkan. Èkejì gbọ́dọ̀ parí sí ohùn àárín tàbí ìsàlẹ̀, kí etí mọ̀ pé ó ti balẹ̀. Bí ó bá ti balẹ̀, ìjọ á wọlé fúnra wọn.

Gbọ́ èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀: A-tẹ́-ilẹ̀-bí-ẹní, A-ta-sánmà-bí-aṣọ. “Ẹní” lọ sókè, “aṣọ” sọ̀ kalẹ̀. Yí wọn po, kí o fi aṣọ ṣíwájú ẹní, wàá rí i pé ó fò lókè kò balẹ̀. Ìtumọ̀ kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó ti kan òun.

Òkè àti odò wa náà bára wọn mu báyìí. “Tì í” parí sókè, “Bẹ́núè” parí nísàlẹ̀, nítorí náà òkè ló ń ṣíwájú. “Ọyẹ́” wà lókè, “gbé e” wà ní àárín, nítorí náà kaṣú á ṣíwájú iṣu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbẹ̀ iṣu lè bínú. Tí méjì bá parí sókè pọ̀, wá òmíràn rọ́pò ọ̀kan nínú wọn, tàbí kí o yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ po. “Ọkọ opó, baba ọmọ òrukàn” parí nísàlẹ̀. Mo fẹ́ kó ṣíwájú, mo bá yí i sí “Baba ọmọ òrukàn, ọkọ opó”, ó sì gun òkè.

Ẹni tí yóò kì í gan-an ni kó sọ ọ́ sókè nígbà tí a bá ń dán an wò, nítorí pé ohùn Owé, ti Ìyàgbà àti ti Bùnú kò rí bákan náà, òpin tó balẹ̀ lẹ́nu ẹnìkan lè má balẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ìkì náà fúnra rẹ̀

Báyìí ni ó ṣe wá rí lẹ́yìn títò.

Òkun o, Baba.
Òkun o, Ẹni àgbà ọjọ́.
Ìbà Rẹ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Òyígíyigì, Ọba àìkú,
Olódùmarè, Ọba tí kò níkejì.
— *Kábíyèsí o!*
Arúgbó ọjọ́ tí kì í gbó,
Alágbádá iná, aláwọ̀tẹ́lẹ̀ oòrùn.
— *Kábíyèsí o!*
Ògbàmùgbámù ojú ọ̀run tí kò ṣe é gbá mú,
Ọba tí kì í tòògbé, Ọba tí kì í sùn.
— *Kábíyèsí o!*
Aláwùràbí, Ọba à-jí-kí,
Àpésìn láyé, àpésìn lọ́run.
— *Kábíyèsí o!*

A-tẹ́-ilẹ̀-bí-ẹní,
A-ta-sánmà-bí-aṣọ.
— *O ṣeun, Ọba!*
A-gbókè-kalẹ̀-má-figi-tì-í,
A-mú-Ọya-pàdé-Bẹ́núè.
— *O ṣeun, Ọba!*
A-mú-kaṣú-tanná-nínú-ọyẹ́,
A-rọ̀jò-síṣu-má-fàgbàrá-gbé-e.
— *O ṣeun, Ọba!*
A-mọye-ewé-igi-má-kà-á,
A-dá-ni-má-gbàgbé-ẹni.
— *O ṣeun, Ọba!*
Baba ọmọ òrukàn, ọkọ opó,
Ọlọ́wọ́ gbọgbọrọ tí ń yọ ọmọ rẹ̀ nínú ọ̀fìn.
— *O ṣeun, Ọba!*

Ìwọ A-gbókè-kalẹ̀, má jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa yẹ̀.
— *Gbọ́ tiwa!*
Ìwọ A-mú-Ọya-pàdé-Bẹ́núè, pa ilé tó tú pọ̀.
— *Gbọ́ tiwa!*
Ìwọ A-rọ̀jò-síṣu, jẹ́ kí tọdún tó ń bọ̀ tún dára.
— *Gbọ́ tiwa!*
Ìwọ ọkọ opó, má jẹ́ kí opó sunkún oúnjẹ.
— *Gbọ́ tiwa!*
Ìwọ tí kì í sùn, ṣọ́ ẹni tó lọ oko, ṣọ́ ẹni tó ń bọ̀.
— *Gbọ́ tiwa!*

Wo ìdì kẹta dáadáa. Kò sí ẹ̀bẹ̀ kankan níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ kò ti kọjá lókè. Ẹni tí a pè ní A-mú-Ọya-pàdé-Bẹ́núè ni a bẹ̀ pé kó pa ilé tó tú pọ̀, nítorí pé a ti jẹ́rìí pé ó lè pa nǹkan pọ̀. Tí o bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún ìwòsàn, padà sí ìdì kejì kọ́kọ́ fi orúkọ tó jẹ mọ́ ìwòsàn síbẹ̀. Bí o bá ṣàdédé gbé ẹ̀bẹ̀ wá tí kò ní orúkọ lẹ́yìn, ó máa ń dún bí ìkéde ìjọ.

Níbẹ̀ náà ni a ti ń bọ́ sí “Ìwọ”. Ìdì méjì àkọ́kọ́ ń sọ nípa Rẹ̀. Ìkẹta ń bá A sọ̀rọ̀ lójúkojú. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń fi “ẹ̀yin” bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nítorí ọ̀wọ̀. Nínú oríkì, má ṣe bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ni, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kò níkejì.

Ẹ̀bẹ̀ tó kẹ́yìn, ti ọ̀nà oko, ni ìjọ ń gbè kíkan jù báyìí. Ẹni tó ń gbé àdúgbò yìí mọ ìdí rẹ̀. Má yára kọjá níbẹ̀. Kí o kì í lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta bí wọ́n bá ṣì ń dáhùn.

Kíkì í síta

Má fi ìlù bẹ̀rẹ̀. Ìdì kìn-ín-ní fẹ́ ohùn lásán, kí etí lè gbọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀. Agogo lè wọlé ní “A-tẹ́-ilẹ̀-bí-ẹní”, kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé e. Kí gbogbo rẹ̀ dákẹ́ tí ẹ̀bẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Onílù tí kò bá gbà láti dákẹ́, má pè é.

Ẹ máa fi fóònù gba ohùn ìdánrawò sílẹ̀, kí ẹ sì jókòó gbọ́ ọ. Bí àwọn tó ń gbè bá ń wọlé kí akígbe tó parí, ìlà yẹn ti balẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀rọ̀ kan láàárín rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n rò pé ó ti tán. “Olódùmarè, Ọba tí kò níkejì” máa ń rí bẹ́ẹ̀ tí akígbe bá sinmi lórí “Olódùmarè”. Kó má sinmi níbẹ̀, kó gbá a kọjá ní mímí kan. Bí ìdákẹ́jẹ́ bá wà lẹ́yìn ìlà kejì, òpin rẹ̀ ló wà lókè tàbí kí akígbe ti fà á gùn bí orin. A kì í fa òpin ìlà kejì, gé e. Bí ègbè bá ń tutù díẹ̀díẹ̀, ìdì náà ti gùn jù. Yọ orúkọ méjì kúrò. Gbogbo rẹ̀ kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ.

Má jẹ́ kí akígbe gbé ìwé dání. Òpin ìlà ni kó mú sórí, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀: kú–kejì, gbó–oòrùn, mú–sùn. Ẹni tó bá rántí òpin yóò rí ìbẹ̀rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Bó bá tiẹ̀ gbàgbé méjì pátápátá, kó fò wọ́n pọ̀. Kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀ kó mú ọ̀kan.

Tí ayẹyẹ bá yí padà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ la ń yí. Ìdì kìn-ín-ní kì í kúrò. Níbi ìsọmọlórúkọ, kaṣú àti iṣu á jáde, kí A-sọlẹ̀-dọmọ-má-fọwọ́-kàn-án àti A-fúnni-lọ́mọ-má-gbowó rọ́pò wọn. Àkọ́kọ́ parí sókè, èkejì sì ń parí sókè bákan náà, nítorí náà èkejì á di A-fúnni-lọ́mọ-má-tà. Níbi òkú àgbà, ìdì ẹ̀bẹ̀ ni yóò gùn, “Arúgbó ọjọ́ tí kì í gbó” yóò sì kúrò ní àárín wá sí ìparí, kí ọmọ olóògbé fúnra rẹ̀ kì í.